Báwo Ni Steam Ṣe Ń Mọ Ibi Tí A Gbé Géèmù Sí?

Púpọ̀ nínú láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní Ìlaròó àti Ayétòrò ni díìsìkì inú rẹ̀ kò ju gígábáìtì 256 lọ. Windows fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ bù tirẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, fíìmù àti orin á bù tiwọn. Bí géèmù bí i Grand Theft Auto V bá wá wọlé, tí òun nìkan lè gba nǹkan bí gígábáìtì 110, díìsìkì náà kún dé ẹnu nìyẹn. Olówó rẹ̀ á wá ra díìsìkì kejì, yálà èyí tí a ń kì bọ inú láàpútọ́ọ̀pù tàbí èyí tí a ń fi okùn yúésíbì so mọ́ ọn. Ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e ni pé: ṣé mo lè kó géèmù yìí lọ sórí díìsìkì tuntun láì tún un fà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì?

Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn gé fódà géèmù náà níbi tó wà, tó lọ lẹ̀ ẹ́ sórí díìsìkì kejì, tó wá ṣí Steam, á rí i pé Steam kò mọ̀ pé géèmù kankan wà níbẹ̀. Dípò bọ́tìnì `Play` tó ti mọ̀, `Install` ni yóò bá. Bó bá sì tẹ `Install` láìwo ọ̀tún wo òsì, Steam lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fa mẹ́gábáìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gígábáìtì 110 á gba ju wákàtí 30 lọ, ká má tíì sọ owó dátà. Bẹ́ẹ̀ géèmù náà wà nínú kọ̀ǹpútà, kò sọnù. Kí ló wá dé tí Steam kò rí i?

Àká, ẹrù àti ìwé akọ̀wé

Steam, tí ilé-iṣẹ́ Valve gbé jáde ní 2003, jẹ́ irú ètò tí a ń pè ní láńṣà. Òun ni a fi ń ra géèmù, òun ló ń bá wa fà á wọlé, òun ló ń tún un ṣe nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá jáde, òun náà ló sì ń ṣí i fún wa. Ẹ fi wé akọ̀wé tó ń ṣọ́ àká gàrí. Akọ̀wé kì í wọ inú àká láràárọ̀ kí ó máa ka àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ohun tí ìwé bá sọ pé ó wà ló wà lójú tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá kó àpò 50 lọ sí àká kejì lóru tí kò fọwọ́ kan ìwé, akọ̀wé á wá sí àká àkọ́kọ́ lówùúrọ̀, á bá ilẹ̀ nílẹ̀, á sì ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé gàrí mìíràn wá.

Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lórí kọ̀ǹpútà, ó sì dára kí a mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èkíní ni àká fúnra rẹ̀. Lórí díìsìkì C, àká Steam wà ní `C:\Program Files (x86)\Steam\steamapps`. Lórí díìsìkì kejì, tí a bá ní kí Steam dá àká síbẹ̀, á wà ní `D:\SteamLibrary\steamapps`. Steam ní fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ `libraryfolders.vdf`, inú rẹ̀ ló ń kọ gbogbo àká tó mọ̀ sí. Díìsìkì tí kò bá sí nínú fáìlì yìí, Steam kò ní yọjú síbẹ̀ rárá, ohun yòówù kó wà níbẹ̀.

Èkejì ni ẹrù: fódà géèmù gan-an, tó wà nínú fódà `common` tó wà nínú àká. Òun ló wúwo. Ẹ̀kẹta ni àkọsílẹ̀ géèmù, fáìlì kékeré tí kò tó ohun tí èèyàn ń kà sí. Géèmù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ó sì wà nínú `steamapps` gangan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fódà `common`, kì í ṣe nínú rẹ̀. Ti Grand Theft Auto V ń jẹ́ `appmanifest_271590.acf`. Nọ́ńbà 271590 ni nọ́ńbà tí Steam fi ń dá géèmù náà mọ̀. Bí ẹ bá fi Notepad ṣí i, ẹ ó rí irú ìlà wọ̀nyí:

```
"appid"       "271590"
"StateFlags"  "4"
"installdir"  "Grand Theft Auto V"
```

Ìlà kejì ń sọ ipò tí géèmù wà. 4 túmọ̀ sí pé ó ti wọlé tán pátápátá. Ìlà kẹta ni kí a tẹjú mọ́ dáadáa. Orúkọ fódà nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí C, kò sí D, kò sí ojú ọ̀nà kankan. Báwo wá ni Steam ṣe ń mọ díìsìkì tí géèmù wà? Ibi tí àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ bá jókòó sí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Bó bá bá a nínú àká tó wà lórí C, á wá fódà náà nínú `common` tó wà lórí C. Bó bá bá a lórí D, ti orí D ló máa lọ wò.

Ìdáhùn sí ìbéèrè wa nìyí. Ẹni tó gbé fódà lọ láìgbé àkọsílẹ̀, ẹrù ló gbé, ó fi ìwé sílẹ̀. Bí méjèèjì bá jọ dé inú àká tí Steam ti mọ̀, kò sí ohun mìíràn tí a ní láti sọ fún un.

Ọ̀nà tó rọrùn: kí Steam fúnra rẹ̀ gbé e

Steam ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ló sì yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ yà sí. Ẹ lọ sí `Settings`, lẹ́yìn náà `Storage`. Lókè níbẹ̀ ni orúkọ díìsìkì wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ mú `Add Drive`, kí ẹ sì yan díìsìkì tuntun náà. Ìgbésẹ̀ yìí ló ń dá àká tuntun, tó sì ń kọ ọ́ sínú `libraryfolders.vdf`. Ẹ padà sórí díìsìkì àtijọ́, ẹ sàmì sí géèmù tí ẹ fẹ́ gbé, ẹ tẹ `Move`, ẹ yan ibi tó ń lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yẹ ká mọ̀. Bí a bá gbé fáìlì láti fódà kan sí òmíràn lórí díìsìkì kan náà, ìṣẹ́jú àáyá kan ti pọ̀ jù, nítorí kò sí ohun tó kúrò níbi tó wà. Àdírẹ́sì fáìlì nìkan ni Windows yí padà. Láti díìsìkì sí díìsìkì yàtọ̀. Gbogbo gígábáìtì 110 yẹn ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kà níhìn-ín, kí ó tún un kọ lọ́hùn-ún, kí ó tó pa ti àtijọ́ rẹ́. Díìsìkì ayípo, ìyẹn hádìdíìsìkì tó ní àwo tó ń yí nínú, lè kọ nǹkan bí mẹ́gábáìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Géèmù yìí á gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 18. Bí a bá so díìsìkì náà mọ́ ihò yúésíbì àtijọ́ tó jẹ́ pé nǹkan bí mẹ́gábáìtì 35 ló ń gbé, á di ìṣẹ́jú 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí láàpútọ́ọ̀pù bá ní ihò yúésíbì aláwọ̀ búlúù, ibẹ̀ ni kí a so ó mọ́. Àwọ̀ yẹn sábà máa ń jẹ́ àmì yúésíbì tó yára.

Bí iná bá lè lọ nígbàkígbà: kí a fi ọwọ́ ara wa gbé e

Nígbà mìíràn, `Move` á kọ̀, á ní òun kò lè kọ nǹkan sórí díìsìkì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹni tó mọ bí iná ṣe ń lọ, tí bátìrì láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ kò sì gba ìṣẹ́jú 20 mọ́, kò ní fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ohun tó lè já ní agbedeméjì. Fún irú wọn, Windows ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ `robocopy`. Ohun tó mú un dára ni pé bí iná bá lọ kó tó parí, tí a bá tún pa àṣẹ kan náà lẹ́yìn tí iná dé, á fo gbogbo fáìlì tó ti dé pé, á sì máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó kù sí.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìlaròó, tí Grand Theft Auto V wà lórí C rẹ̀, tó sì ti fi `Add Drive` dá àká sórí D. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa Steam pátápátá. Títẹ àmì X lókè igun kò tó, nítorí Steam ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Inú mẹ́nù `Steam` ló ti máa mú `Exit`. Ìgbà tí Steam bá ń dìde ló ń ka àwọn àkọsílẹ̀, bí a bá sì ṣí wọn nípò nígbà tó ṣì wà lójúfò, ohun tó ti kà tẹ́lẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ lé. Lẹ́yìn èyí, ó ṣí Command Prompt, ó sì pàṣẹ báyìí, lórí ìlà kan ṣoṣo:

```
robocopy "C:\Program Files (x86)\Steam\steamapps\common\Grand Theft Auto V" "D:\SteamLibrary\steamapps\common\Grand Theft Auto V" /E
```

`/E` ń sọ pé kí ó kó gbogbo fódà inú rẹ̀ pẹ̀lú. Géèmù yìí di púpọ̀ nínú àwòrán àti ohùn rẹ̀ sínú àwọn fáìlì ńláńlá tí orúkọ wọn parí sí `.rpf`, nítorí náà iṣẹ́ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ fà. Géèmù tó bá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì wẹ́wẹ́ ló ní, á pẹ́ ju bí ìṣirò ṣe sọ lọ, nítorí fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní ìdádúró tirẹ̀.

Nígbà tí ẹrù bá dé, ó kan ìwé. Ó ṣe ẹ̀dà `appmanifest_271590.acf` láti `steamapps` orí C sínú `steamapps` orí D. Lẹ́yìn náà ló yí orúkọ ti orí C padà, kí ó fi `.bak` kún ìparí rẹ̀, kí àkọsílẹ̀ méjì má baà máa pe géèmù kan náà. Kò tíì pa fódà àtijọ́ rẹ́. Ó ṣí Steam, ó wo géèmù náà: `Play` ni ó rí, kì í ṣe `Install`. Steam ti mọ ibi tó wà.

Àmì orí tábìlì kọ̀ǹpútà, tí a fi ń ṣí géèmù lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní bàjẹ́ bó bá jẹ́ Steam ló dá a. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni `steam://rungameid/271590`. Nọ́ńbà géèmù ló ń pè, kò mọ díìsìkì kankan. Ibi tí eré dé kò sì ní sọnù, nítorí Grand Theft Auto V ń tọ́jú rẹ̀ sínú fódà `Documents`, nínú `Rockstar Games`, kì í ṣe nínú fódà tí a gbé lọ.

Ṣé gbogbo rẹ̀ dé láìyingin?

Pé Steam rí géèmù kò túmọ̀ sí pé géèmù náà pé. Akọ̀wé ti gba ìwé gbọ́. Kò tíì tú àpò wò. Ẹ tẹ ọ̀tún mọ́ orúkọ géèmù, ẹ lọ sí `Properties`, `Installed Files`, kí ẹ tẹ `Verify integrity of game files`.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dùn ún mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá kó géèmù sórí Steam, Steam á gé fáìlì rẹ̀ sí ègé-ègé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí mẹ́gábáìtì kan. Á wá ṣírò nọ́ńbà gígùn kan láti inú ègé kọ̀ọ̀kan, tí a lè pè ní òǹtẹ̀ ègé. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà nínú ègé, òǹtẹ̀ rẹ̀ á yàtọ̀ pátápátá. Nígbà àyẹ̀wò, Steam á ka ohun tó wà lórí díìsìkì yín, á tún òǹtẹ̀ ṣírò, á sì fi wé èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ègé tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò bá bára mu nìkan ni yóò tún fà. Nítorí náà, bí iná bá lọ nígbà tí fáìlì kan ń kọjá, tí ìparí rẹ̀ sì bàjẹ́, mẹ́gábáìtì díẹ̀ lè tó láti tún un ṣe. Àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ń gba àkókò, nítorí ó gbọ́dọ̀ ka gbogbo géèmù tán, ṣùgbọ́n dátà tó ń jẹ kò tó nǹkan.

Ìgbà tí àyẹ̀wò bá yọrí sí rere ni kí ẹ tó pa fódà àtijọ́ rẹ́ lórí C. Ọwọ́ ni kí ẹ fi pa á, nínú File Explorer. Ẹ má tẹ `Uninstall` nínú Steam. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ti àtijọ́ ni yóò pa, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ti wà lórí D báyìí, èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé lọ́hùn-ún ni Steam máa pa rẹ́.

Àwọn ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń wọ́

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni fódà nínú fódà. Ẹni tó ṣe ẹ̀dà pẹ̀lú eku kọ̀ǹpútà lè fi sílẹ̀ sínú fódà tó ti dá tẹ́lẹ̀, tí ó fi wá di `common\Grand Theft Auto V\Grand Theft Auto V`. Nígbà àyẹ̀wò, Steam á wo fódà àkọ́kọ́, kò ní rí fáìlì géèmù níbẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i pé ohun tó fẹ́ fà ń lọ sí ọgọ́rùn-ún gígábáìtì, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pa Steam, kí ẹ lọ wo bí àwọn fódà ṣe wọnú ara wọn.

Èkejì ń bá àwọn tó ń lo díìsìkì onókùn jà. Windows lè fún díìsìkì náà ní lẹ́tà E lónìí, kó sì fún un ní F lọ́la, nítorí pé fíláàṣì ẹlòmíràn ti wà lójú E kí ẹ tó so ó. Àká tó wà nínú ìwé Steam ṣì ni `E:\SteamLibrary`, nítorí náà gbogbo géèmù inú rẹ̀ á dà bí ohun tí kò sí. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ pa Steam, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ `diskmgmt.msc`, kí ẹ sì fún díìsìkì náà ní lẹ́tà kan tó jìnnà sí ibi tí fíláàṣì máa ń bọ́ sí, bí i S. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi àká orí lẹ́tà tuntun náà han Steam lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà lọ, Windows á máa fi lẹ́tà náà pamọ́ fún un lórí kọ̀ǹpútà yẹn.

Ẹ̀kẹta wà nínú bí a ṣe to díìsìkì. Díìsìkì tàbí fíláàṣì tí a tò ní `FAT32` kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó gígábáìtì 4, bó ti wù kí ààyè orí rẹ̀ pọ̀ tó. Windows á ní fáìlì ti tóbi jù. Ẹ tò ó sí `NTFS` kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ rántí pé títò yìí máa nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀.

Bí àkọsílẹ̀ bá ti sọnù ńkọ́?

Wọ́n lè ti fi Windows tuntun sórí C, kí fódà géèmù nìkan sì kù lórí D. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rẹ́ yín tó ní géèmù kan náà ló fẹ́ kó ti tirẹ̀ fún yín kí ẹ má baà fà á. Níhìn-ín, `Install` tí a sá fún lẹ́ẹ̀kan ló máa wúlò. Ẹ fi fódà náà sínú `common` àká yín, kí orúkọ rẹ̀ má yí padà rárá, kí ẹ wá tẹ `Install`, kí ẹ sì yan àká yẹn gan-an. Kí Steam tó fa ohunkóhun, á kọ́kọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀, á ṣírò òǹtẹ̀ wọn, á fa èyí tó kù, á sì kọ àkọsílẹ̀ tuntun. Àkáǹtì yín gbọ́dọ̀ ti ra géèmù náà; fáìlì ọ̀rẹ́ kò lè sọ yín di olówó géèmù.

Láńṣà Epic Games kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ tirẹ̀ wà lórí C nígbà gbogbo, nínú `C:\ProgramData\Epic\EpicGamesLauncher\Data\Manifests`, nínú àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí sí `.item`. Ìlà kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń jẹ́ `InstallLocation`, odindi ojú ọ̀nà ló sì kọ síbẹ̀, tòun ti lẹ́tà díìsìkì. Gbígbé ẹrù pẹ̀lú ìwé kò ní tó, nítorí àdírẹ́sì àtijọ́ ló wà nínú ìwé. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á ṣe ẹ̀dà fódà géèmù síbi kan lórí D, wọ́n á yọ géèmù náà kúrò nínú Epic, wọ́n á wá ní kí Epic fi sórí D lákọ̀tun. Bó bá ti fa ìwọ̀nba díẹ̀, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á pa láńṣà náà, wọ́n á kó ẹ̀dà wọn sínú fódà tuntun tí Epic ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kí wọ́n tó ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Epic á yẹ ohun tó bá níbẹ̀ wò, á sì fa èyí tó kù. Àdírẹ́sì tuntun ti wà nínú ìwé, nítorí Epic fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Nítorí náà, láńṣà yòówù tí ẹ bá ń lò, ẹ kọ́kọ́ wá àkọsílẹ̀ rẹ̀ rí, kí ẹ ṣí i pẹ̀lú Notepad. Bó bá jẹ́ orúkọ fódà nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ gbé méjèèjì lọ pọ̀. Bó bá jẹ́ odindi àdírẹ́sì ni, ẹ jẹ́ kí láńṣà fúnra rẹ̀ kọ tuntun kí ẹrù tó dé.